Bí báńkì àpapọ̀ bá ń ra bọ́ǹdù, báwo ni èlé ṣe ń wálẹ̀?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà ní Sábọ̀, Ìkòròdú. Báńkì yá mi lówó ra jẹnẹrétọ̀ àti fìrísà, èlé rẹ̀ sì ti lé ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ mi tó wà ní Mánṣẹ́sítà sọ pé nígbà kan, ńṣe ni báńkì àpapọ̀ tiwọn kó bọ́ǹdù ìjọba rà, tí owó yíyá sì rọjú. Báwo ni ríra ìwé gbèsè ṣe ń mú kí èlé wálẹ̀? Kí ló dé tí tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀?*

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ìyá wa. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Jàpáànù sì ti dán an wò ṣáájú wọn láti 2001. Kuọntitétífù ísìn ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè é. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé gbèsè fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Ká ní ẹ fẹ́ ra tírẹ́ṣọ̀rì bílì ọlọ́dún kan lọ́wọ́ ìjọba wa. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìjọba yóò san mílíọ̀nù kan náírà fún ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù kan yẹn ò ní dín, kò sì ní lé. Iye tí ẹ máa san lónìí kí ẹ tó gbà á ló ń yí padà. Tí ẹ bá rà á ní ₦850,000, èrè yín jẹ́ ₦150,000, ìyẹn nǹkan bíi 17.6% lórí owó tí ẹ kó sílẹ̀. Àmọ́ tí àwọn tó ń wá a bá pọ̀ débi pé ẹ ní láti san ₦900,000, èrè yín ti di ₦100,000, èyí tí kò ju 11.1% lọ. Ẹnikẹ́ni ò kéde èlé tuntun. Ìjọba ò yí ìlérí rẹ̀ padà. Ìwé náà ló wọ́n sí i, èlé orí rẹ̀ sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bọ́ǹdù ọlọ́jọ́ gígùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwé £100 kan tó ń san £5 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, tí yóò sì dá £100 padà níkẹyìn. Ẹni tó bá rà á ní £100 gan-an ń jẹ èlé 5%. Ẹni tó bá san £108 kí ó tó rí i rà ṣì ń gba £5 rẹ̀ lọ́dún, ṣùgbọ́n £100 ni wọ́n máa dá padà fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe £108. Tí ẹ bá pín £8 tó máa pàdánù yẹn sórí ọdún mẹ́wàá, tí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú £5, ẹ ó rí i pé èlé tó ń jẹ ní tòótọ́ ti sún mọ́ 4%. Nítorí náà, ẹni tó bá lè mú kí bọ́ǹdù wọ́n ti mú kí èlé wálẹ̀ nìyẹn, kódà tí kò bá bá ọ̀gá báńkì kankan sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí báńkì àpapọ̀ wọn fi ní láti gba ọ̀nà yìí? Torí pé ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ti tán sí wọn nídìí. Irinṣẹ́ tí báńkì àpapọ̀ ń lò lójoojúmọ́ ni èlé tó ń fi lélẹ̀ fún owó tí àwọn báńkì ń kó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2008, 5% ni èlé yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báńkì ń ṣubú káàkiri ayé, ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n sì ń gé èlé náà bí ẹni gé iṣu. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2009, ó já sí 0.5%. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá báńkì náà sílẹ̀ ní 1694, èlé ò kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá tún gé e sí i, ó ti kan òdo, ẹni tí owó rẹ̀ ò bá sì pa èlé kankan ní báńkì lè kó o sílé.

Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá owó ra ilé tàbí tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ kì í yá a fún ọjọ́ kan. Ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, ogún ni yóò fi san án. Èlé owó ọlọ́jọ́ gígùn báyìí kò sí lábẹ́ àṣẹ báńkì àpapọ̀ tààrà. Ọjà bọ́ǹdù ló ń sọ ọ́. Bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá ń san 4% kí ó tó rí owó ọdún mẹ́wàá yá, kò sí bí ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan yóò ṣe rí i yá ní 3%. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan náà tí èlé kan 0.5%, wọ́n kéde pé àwọn yóò ra bọ́ǹdù tó tó bílíọ̀nù £75 láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tó kù ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó pé ni wọ́n ń wá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìyẹn ni, torí irú bọ́ǹdù bẹ́ẹ̀ kì í sábà pọ̀ lọ́wọ́ báńkì. Ọwọ́ àwọn àjọ owó ìfẹ̀yìntì àti ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ló pọ̀ sí jù.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí owó náà ṣe rìn, torí àwọn kan rò pé ìjọba kàn tẹ owó, ó sì há a fáwọn èèyàn. Gbàǹjo ni wọ́n fi ń rà á. Báńkì àpapọ̀ yóò ní òun fẹ́ ra iye kan lónìí, àwọn oníṣòwò bọ́ǹdù yóò sì máa sọ iye tí wọ́n fẹ́ tà. Àwọn tí owó tiwọn bá dára jù lójú olùrà ni yóò rí tà. Gbàǹjo àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta yẹn, bílíọ̀nù £2 ni wọ́n sì rà. Ká ní àjọ owó ìfẹ̀yìntì kan ta bọ́ǹdù mílíọ̀nù £10 lọ́jọ́ náà. Báńkì àpapọ̀ kò gbé àpò owó lọ fún un. Ó kọ mílíọ̀nù £10 kún àkáǹtì tí báńkì tí àjọ náà ń lò ní lọ́dọ̀ rẹ̀, báńkì yẹn náà sì kọ mílíọ̀nù £10 kún àkáǹtì àjọ náà. Owó tuntun ni, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti dá a. Bọ́ǹdù wá wà lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀, owó wà lọ́wọ́ àjọ náà.

Ìṣòro àjọ yẹn wá ni pé owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ kò pa nǹkan kan tó ṣe é sọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn arúgbó ń retí owó ìfẹ̀yìntì wọn lóṣooṣù. Kò lè jókòó tì í. Tó bá tún padà lọ sọ́jà bọ́ǹdù ìjọba, ó ti wọ́n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ máa rí ní Sábọ̀ tí oníbàárà kan tí owó kò lè tán lọ́wọ́ rẹ̀ bá wá ń kó gbogbo páálí Títọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Títọ́ọ̀sì á wọ́n, àwọn ìyá olóúnjẹ á yà sórí ṣáwà, ṣáwà náà á wọ́n, àwọn mìíràn á lọ bá pánlá. Oníbàárà yẹn ò fọwọ́ kan ṣáwà tàbí pánlá rárá, síbẹ̀ òun ló gbé owó wọn sókè. Àjọ owó ìfẹ̀yìntì náà yà sórí bọ́ǹdù àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn kan ra ṣíà. Bọ́ǹdù ilé-iṣẹ́ wọ́n, èlé orí rẹ̀ wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ronú àtiyáwó wá rí i pé òun lè ta bọ́ǹdù tuntun pẹ̀lú èlé tó kéré sí ti àná. Èyí gan-an ni ọ̀nà tí owó yíyá gbà rọjú, ó sì hàn lọ́dún 2009 yẹn: àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta bọ́ǹdù lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn kan fi owó rẹ̀ san gbèsè báńkì.

Ọ̀nà kejì wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú iye bọ́ǹdù tí wọ́n rà. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ bá sọ níwájú gbogbo ayé pé òun ń kó bọ́ǹdù ọlọ́jọ́ gígùn jọ, àwọn tó gbọ́ ọ mọ̀ pé kò ṣetán láti gbé èlé sókè láìpẹ́. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ra bọ́ǹdù kí báńkì àpapọ̀ tó dé ọjà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ ìkéde ni èlé ti máa ń já jù. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 2009, báńkì àpapọ̀ wọn kéde pé àwọn yóò ra bọ́ǹdù ìjọba tó tó bílíọ̀nù 300 dọ́là, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù tí wọ́n fẹ́ fi ra ìwé gbèsè ilé, ìyẹn gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ nítorí ilé tí wọ́n rà. Èlé bọ́ǹdù ọlọ́dún mẹ́wàá fi nǹkan bí ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó ra ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ilé náà jọra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ìwé gbèsè ilé níparí oṣù kọkànlá 2008, èlé owó tí èèyàn ń yá ra ilé fún ọgbọ̀n ọdún ń lọ ní nǹkan bíi 6%. Nígbà tó fi di àárín oṣù kìíní 2009, ó ti tó 5%.

Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n fi máa dáwọ́ ìpele àkọ́kọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010, wọ́n ti ra bílíọ̀nù £200. Àwọn onímọ̀ báńkì náà fúnra wọn ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní gbogbo ríra yẹn dín èlé bọ́ǹdù ìjọba kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn o, ìyá wa. Bílíọ̀nù £200, fún ìdá kan péré. Fún ẹni tó yá £150,000 ra ilé, ìdá kan jẹ́ nǹkan bíi £1,500 lọ́dún àkọ́kọ́, kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe idán tó ń sọ 30% di 5%.

Ó tún níbi tó mọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ máa ń wo nǹkan mẹ́ta: èlé orí bọ́ǹdù ìjọba, àlàfo tó wà láàárín ti ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́, àti èlé tí báńkì ń pè fún ẹni tó wá yáwó gan-an. Méjì àkọ́kọ́ yára wálẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ń fà sẹ́yìn, pàápàá fún oníṣòwò kékeré. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi báńkì sílẹ̀ lọ ta bọ́ǹdù. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan kò lè ṣe é. Iwájú ọ̀gá báńkì nìkan ló lè lọ, ọ̀gá báńkì ọdún 2009 sì ń bẹ̀rù kí gbèsè má baà bàjẹ́ sí i lọ́wọ́, nítorí náà ó fi owó ewu kún èlé rẹ̀. Bọ́ǹdù dín èlé kù ní ìsàlẹ̀, ẹ̀rù fi kún un lókè. Ohun tó dùn mí jù nínú ètò náà nìyí, pé àwọn tí bọ́ǹdù àti ṣíà ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ rí èrè rẹ̀, ẹni tó ń wá owó fìrísà ló sì rí i kẹ́yìn.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé owó tuntun tí báńkì àpapọ̀ kọ sínú àkáǹtì àwọn báńkì ni wọ́n ń gbé yá èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó yẹn kò lè jáde kúrò nínú ìwé báńkì àpapọ̀ àfi tí ó bá di owó bébà. Láti báńkì kan sí òmíràn ló ń lọ. Báńkì tí ẹ̀rù ń bà kò ní yáni lówó torí pé àkáǹtì rẹ̀ lọ́hùn-ún kún. Owó orí bọ́ǹdù ni ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ètò yìí.

Ó sì ní gbèsè tirẹ̀ tó máa ń dé nígbà tó bá yá. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà títí bọ́ǹdù tó wà lọ́wọ́ Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi tó bílíọ̀nù £895. Gbogbo owó tí wọ́n fi rà á wà nínú àkáǹtì àwọn báńkì lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń san èlé lórí rẹ̀. Nígbà tí èlé yẹn wà ní 0.1%, èrè ni. Nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà gbóná, tó kan 11.1% ní oṣù kẹwàá 2022, wọ́n ní láti gbé èlé sókè títí tó fi dé 5.25% ní oṣù kẹjọ 2023. Bọ́ǹdù tí wọ́n rà lówó gọbọi kò pa tó iye tí wọ́n ń san jáde mọ́, ìjọba sì ń fi owó ìlú dí àlàfo náà.

Ó kù tiwa. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò ní tu yín nínú, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Ìdí tí wọ́n fi ń ra bọ́ǹdù lọ́hùn-ún ni pé èlé wọn ti kan ilẹ̀, ọjà ò sì wọ́n. Ní oṣù kọkànlá 2024, èlé tí báńkì àpapọ̀ wa fi lélẹ̀ jẹ́ 27.5%, ọ̀wọ́n ọjà oṣù kejìlá ọdún náà sì jẹ́ 34.8%. Tí báńkì àpapọ̀ tí èlé rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kí owó yíyá rọjú, kò nílò láti ra ohunkóhun. Kó gé èlé ni. Ohun tó sì dì í lọ́wọ́ nígbà náà tí kò fi gé e ni ọ̀wọ́n ọjà. Òdìkejì ohun tí ọmọ yín sọ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà: wọ́n ń ta ìwé láti fi fa owó kúrò níta, wọ́n sì ní kí báńkì oníṣòwò fi ìdajì owó tí oníbàárà bá kó wá pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn.

Ká wá ní wọ́n ṣe é bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ra bọ́ǹdù tírílíọ̀nù mélòó kan lọ́wọ́ àwọn àjọ owó ìfẹ̀yìntì wa. Owó á wà lọ́wọ́ àjọ wọ̀nyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta bọ́ǹdù níbí ò pọ̀, ṣíà tó ṣe é rà ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ owó á wá ibi tí iye rẹ̀ ò ti ní jó, dọ́là sì ni ibi tó yá lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Náírà á jábọ́, ẹja tí ẹ ń tà, tó jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wọ̀lú, á wọ́n sí i. Ẹni tó fẹ́ yá ìjọba lówó fún ọdún mẹ́wàá á sọ pé bí ọjà bá máa fi 35% wọ́n, òun ò gba 20%. Èlé tí a fẹ́ mú wálẹ̀ á tún gòkè.

A sì ti rí ohun tó sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni báńkì àpapọ̀ wa fi ń fún ìjọba lówó tààrà ní ìrètí pé yóò san án tí owó bá wọlé. Òfin báńkì náà ti 2007 ní kò gbọdọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ó kọjá bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ní 2023, nǹkan bí tírílíọ̀nù 22.7 náírà ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí kí wọ́n sọ di bọ́ǹdù ogójì ọdún pẹ̀lú èlé 9%. Iyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún. Ibẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ti ní bọ́ǹdù ni wọ́n ti rà á, nínú ọjà, ní iye tí ọjà sọ, láti mú èlé wálẹ̀. Níbí, owó tuntun bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, ó sì ná an. Èlé owó fìrísà kankan ò tìtorí rẹ̀ wálẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan nínú ẹ̀kọ́ yìí kan yàrá òtútù yín gan-an. Bọ́ǹdù àti tírẹ́ṣọ̀rì bílì ìjọba ni ilẹ̀ tí èlé yín dúró lé. Báńkì tó lè gba 20% lọ́wọ́ ìjọba láìsí wàhálà kò ní yá yín lówó ní 18%. Yóò gbé e lé 20%, yóò fi ti iná, ti òṣìṣẹ́, ti ewu pé fìrísà lè bàjẹ́ kún un. Báńkì àpapọ̀ máa ń gbé èsì gbàǹjo tírẹ́ṣọ̀rì bílì jáde, ìwé ìròyìn sì máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yín máa bá yín wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìwé àdéhùn gbèsè yín, kí ẹ wo bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èlé náà lè yí padà bí ọjà bá ṣe rí. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ fi èsì ọlọ́dún kan ti oṣù tí ẹ yáwó wé ti ìsinsìnyí. Tó bá ti fi ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ tí èlé yín ò sì mira, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka yín, kí ẹ kọ déètì gbàǹjo méjèèjì àti èlé wọn sínú rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n tún èlé yín ṣírò. Ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.